Ọjọ́ tó yẹ kí ìtanilólobó dé: èrè ìpín àti èsì ìṣòwò àwọn ṣíà tí ẹ ń ṣọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, orí áàpù kan ni mo sì ti ń ra ṣíà ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ bíi méjìlá ni mò ń ṣọ́. Mo ṣètò kí áàpù náà máa ta mí lólobó nígbà tó bá ku ọjọ́ kan kí `Ex-Dividend Date` pé. Lọ́dún 2025, ó ta mí lólobó nípa Apple ní ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá. Bí ọjà ṣe ṣí lọ́jọ́ Ajé ni mo rà á, síbẹ̀ èrè náà kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù máa gbé èsì wọn jáde náà ò dúró sójú kan. Báwo ni kí n ṣe ṣètò rẹ̀ tí kò fi ní máa já mi kulẹ̀?

Ìdáhùn: Ọjọ́ tí áàpù yín gbé jáde fún Apple tọ̀nà. Ibi tí nǹkan ti wọ́ ni pé ọjọ́ kàlẹ́ńdà ló kà, kò ka ọjọ́ ọjà. Ẹ jẹ́ ká tọ ọjọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ.

Ní 30 Oṣù Kẹwàá 2025, Apple kéde pé òun máa san sẹ́ǹtì 26 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ọjọ́ 13 Oṣù Kọkànlá ni owó máa jáde, àwọn tí orúkọ wọn bá sì wà nínú ìwé àwọn onípìn-ín nígbà tí iṣẹ́ bá parí lọ́jọ́ 10 Oṣù Kọkànlá ló máa gbà á. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ 10 yẹn, òun ni màá máa pè ní ọjọ́ ìwé orúkọ. Bẹ́ẹ̀, lọ́jà Amẹ́ríkà, èèyàn kì í ra ṣíà lónìí kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé lónìí. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e ni ìdúnàádúrà náà ń parí, ìgbà yẹn ni ṣíà tó di ti ẹni tó rà á nínú ìwé. Ẹni tó rà lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 7, wọ ìwé lọ́jọ́ Ajé, ó sì gba èrè. Ẹ̀yin tí ẹ rà lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni orúkọ yín wọlé. Ẹni tó tà á fún yín ni sẹ́ǹtì 26 náà lọ bá.

Ohun tí `Ex-Dividend Date` túmọ̀ sí gan-an nìyẹn: òun ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá ra ṣíà náà kò ní sí lára àwọn tó máa gba èrè tó ń bọ̀. Màá máa pè é ní ọjọ́ ìyọkúrò. Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ kọ́ nìyẹn tó bá jẹ́ pé rírà lẹ fẹ́ rà. Ọjọ́ ọjà tó ṣáájú rẹ̀ ni tiyín. Nígbà tí ọjọ́ ìyọkúrò bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, bó ṣe bọ́ sí i fún Apple, ìtanilólobó "ọjọ́ kan ṣáájú" máa dé lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ọjà ti tì láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kò sí ohun tí ẹni tó gbà á lè fi ṣe mọ́.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ kíyè sí ohun kan bí ẹ bá ń ka àlàyé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ń sọ pé ọjọ́ ìyọkúrò máa ń ṣáájú ọjọ́ ìwé orúkọ pẹ̀lú ọjọ́ ọjà kan. Òótọ́ ni nígbà náà, nítorí ọjọ́ ọjà méjì ni ìdúnàádúrà fi ń parí. Láti 28 Oṣù Karùn-ún 2024 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di ọjọ́ kan, ìyẹn ló mú kí ọjọ́ méjèèjì bọ́ sórí ara wọn. Ẹ lè rí i lára Apple fúnra rẹ̀. Ní Oṣù Kejì 2024, ọjọ́ ìwé orúkọ jẹ́ 12, ọjọ́ ìyọkúrò sì jẹ́ 9. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ọjọ́ 12 ni àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá ní tábìlì àtijọ́ kan tó ń yọ ọjọ́ kan kúrò lára ọjọ́ ìwé orúkọ, ó ti ń ṣìnà láti ìgbà náà. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ rántí ni èrè ńlá, èyí tó bá tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún iye ṣíà náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún irú èyí, ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìsanwó ni ọjọ́ ìyọkúrò máa ń bọ́ sí. Kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí tábìlì tiyín máa ka ọjọ́ ọjà. Google Sheets tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ kọ àmì ilé-iṣẹ́ sí òpó A, ọjọ́ ìyọkúrò sí òpó B. Ẹ ṣí ojú-ewé kejì, kí ẹ pè é ní `Isinmi`, kí ẹ sì kọ gbogbo ọjọ́ tí ọjà Nìú Yọ́ọ̀kì máa tì lọ́dún náà sínú rẹ̀. Ilé ọjà náà máa ń gbé ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ jáde ṣáájú ọdún. Ìlànà méjì yìí ló máa ṣe ìyókù, àkọ́kọ́ fún ọjọ́ ìkẹyìn láti rà, èkejì fún ọjọ́ tí ìtanilólobó yẹ kó dé:

```
=WORKDAY(B2,-1,Isinmi!$A$2:$A$40)
=WORKDAY(B2,-3,Isinmi!$A$2:$A$40)
```

Ẹ fi 10 Oṣù Kọkànlá 2025 sí B2. Ìlà àkọ́kọ́ máa fún yín ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 7. Ìlà kejì máa fún yín ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 5. Ìdí tí mo fi fẹ́ ọjọ́ ọjà mẹ́ta ni pé ẹni tó wà ní Nàìjíríà sábà máa ń kọ́kọ́ sọ náírà di dọ́là kó tó lè rà, owó tó bá sì wọ àpò áàpù yín lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì lè má bá ọjà mọ́.

Ẹ má fo ojú-ewé ìsinmi yẹn. Ká ní ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kọkànlá 2025, ni ọjọ́ ìyọkúrò ilé-iṣẹ́ kan. Ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27, ọjà sì tì. Ọjọ́rú, ọjọ́ 26, ni ọjọ́ ìkẹyìn láti rà. Tábìlì tí kò ní ìsinmi nínú máa sọ pé Ọjọ́bọ̀ ni, ẹ ó sì jókòó ti ọjà tí kò ní ṣí. Bákan náà, ẹ má kọ ìsinmi Nàìjíríà síbẹ̀. Ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹwàá kò kan Nìú Yọ́ọ̀kì, bẹ́ẹ̀ ni Iléyá.

Ọ̀rọ̀ aago náà wà níbẹ̀. Ẹ gbé ọjọ́ tí tábìlì bá fún yín lọ sínú kàlẹ́ńdà fóònù, kí ẹ sì yan aago Nìú Yọ́ọ̀kì fún ìrántí náà dípò ti Èkó. Google Calendar gbà kí ìrántí kọ̀ọ̀kan ní aago tirẹ̀. Àwa kì í yí aago padà, àwọn ń yí tiwọn. Lọ́jọ́ Ẹtì, 31 Oṣù Kẹwàá 2025, agogo méjì ààbọ̀ ọ̀sán wa ni ọjà wọn ṣí, ó sì tì ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 7, agogo mẹ́ta ààbọ̀ ló ṣí, agogo mẹ́wàá ló tì, nítorí wọ́n ti dá aago wọn padà sẹ́yìn ní ọjọ́ 2 Oṣù Kọkànlá. Bí ẹ bá fi aago Èkó sí i, ẹ ó máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ ó sì gbàgbé nígbà kan.

Apá tó ṣòro jù ló kàn, òun náà ló sì dáhùn ìdajì kejì ìbéèrè yín. Níbo ni ọjọ́ tó wà ní òpó B ti máa wá?

Ọ̀pọ̀ áàpù àti ojú òpó ló máa ń fi ìṣe àtẹ̀yìnwá ilé-iṣẹ́ méfò. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti ń gbé èsì jáde ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn Oṣù Kẹwàá látọdún mélòó kan, wọ́n á ti fi ọjọ́ kan síbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà tó la ẹnu. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá wá kéde ọjọ́ gidi, ọjọ́ orí áàpù á sún. Ìdí nìyẹn tí tiyín fi ń yí. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n wà. Lórí Yahoo Finance, bí ẹ bá rí ọjọ́ méjì níwájú `Earnings Date`, bíi pé láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, ilé-iṣẹ́ kò tíì sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kan ṣoṣo náà kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti dájú. Ní ti `Ex-Dividend Date`, bí ẹ bá rí i pé ọjọ́ tó wà níbẹ̀ ti kọjá, ti èrè tó lọ ni wọ́n ṣì gbé síbẹ̀, torí wọn kò tíì kéde tuntun.

Nítorí náà, ẹ fi òpó kan kún tábìlì yín tí ẹ ó máa kọ "àfojúsùn" tàbí "ìkéde" sí. Ohun tó lè sọ ọjọ́ di "ìkéde" ni ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ nìkan, yálà lórí ojú-ewé tó yà sọ́tọ̀ fún àwọn olùdókòòwò tàbí nínú ìwé tó fi ránṣẹ́ sí SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ṣíà ní Amẹ́ríkà. Ojú-ewé olùdókòòwò ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ní ibi tí wọ́n kọ `Email Alerts` sí. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjìlá, ó lè gbà yín ní ìrọ̀lẹ́ kan. Lójú tèmi, ìrọ̀lẹ́ kan yẹn wúlò ju áàpù ìtanilólobó èyíkéyìí tí ẹ lè sanwó fún lọ, nítorí orísun ni ẹ lọ bá.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé ọjọ́ èsì ìṣòwò àti ọjọ́ ìyọkúrò kì í ṣe nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún irú ilé-iṣẹ́ bí Apple. Nínú ìwé ìkéde kan náà tí wọ́n fi sọ èsì wọn lálẹ́ 30 Oṣù Kẹwàá ni wọ́n ti sọ sẹ́ǹtì 26 àti ọjọ́ 10. Ṣáájú alẹ́ yẹn, ọjọ́ ìyọkúrò kò sí, àfojúsùn lásán ló wà. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì títí dé ọjọ́ ìkẹyìn láti rà, ọjọ́ ọjà mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tún tábìlì rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù lè sùn kọjá gbogbo rẹ̀. Torí náà, ẹ jẹ́ kí ìtanilólobó èsì ìṣòwò jẹ́ ìyá fún ti èrè: lálẹ́ tí èsì bá jáde tàbí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ṣí ìkéde náà, ẹ wá ìpínrọ̀ tó sọ̀rọ̀ èrè, kí ẹ gbé ọjọ́ inú rẹ̀ sí òpó B, kí ẹ sì yí "àfojúsùn" padà sí "ìkéde". Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí ìgbìmọ̀ wọn ń kéde èrè lọ́jọ́ mìíràn, fún àwọn wọ̀nyẹn lẹ ṣe nílò lẹ́tà ojú-ewé olùdókòòwò.

Kíka ìkéde fúnra rẹ̀ tún ń gbà yín lọ́wọ́ ohun tí àfojúsùn kò lè rí. Ní 14 Oṣù Kejìlá 2023, Costco kéde èrè àkànṣe dọ́là 15 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, fún àwọn tó bá wà nínú ìwé ní ọjọ́ 28 oṣù náà. Èrè yìí kò sí lára èyí tí wọ́n ń san ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kò sì sí ìṣe àtẹ̀yìnwá tí ẹ̀rọ kankan lè tẹ̀ lé láti mọ ọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé èsì ìṣòwò wọn jáde náà ni wọ́n kéde rẹ̀, ẹni tó ka ìròyìn lọ́jọ́ náà sì ní àyè tó pọ̀ tó.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ sọ fún yín pé èsì ti jáde ní tòótọ́, àjọ SEC ní ojú òpó ọ̀fẹ́ tí ẹ lè fi sínú áàpù èyíkéyìí tó ń ka ìròyìn láti orísun. Ti Apple nìyí:

```
https://www.sec.gov/cgi-bin/browse-edgar?action=getcompany&CIK=0000320193&type=8-K&output=atom
```

Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé `CIK` ni ti ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ lè wá ti àwọn yòókù lórí ojú òpó SEC kan náà, kí ẹ fi rọ́pò. Ìwé `8-K` ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ bí nǹkan pàtàkì bá ṣẹlẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló kan yín. Èyí tó bá ní `2.02` lára ni èsì ìṣòwò. Bí ẹ bá rí `5.02`, ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó lọ tàbí tó dé ni. Ẹ rántí pé ojú òpó yìí kì í sọ ọjọ́ iwájú. Ó ń jẹ́rìí sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni, ìyẹn ni kò fi lè rọ́pò lẹ́tà àwọn ilé-iṣẹ́.

Ó ku wákàtí tí èsì máa ń jáde. Nínú kàlẹ́ńdà èsì ìṣòwò, ẹ máa ń rí `BMO` tàbí `AMC` lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́. `BMO` ni kí ọjà tó ṣí, `AMC` ni lẹ́yìn tó ti tì. JPMorgan Chase máa ń gbé tirẹ̀ jáde láàárọ̀ Nìú Yọ́ọ̀kì kí ọjà tó ṣí. Apple, lẹ́yìn tí ọjà bá tì ni. Ní 30 Oṣù Kẹwàá yẹn, nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ Ìbàdàn ni èsì dé, àwọn ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè ní agogo mẹ́wàá. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà, àmọ́ ọjọ́ Ẹtì ni ọjà gidi tó lè fèsì sí i. Ẹni tó fẹ́ dín ṣíà rẹ̀ kù kí èsì tó dé ní láti ṣe é lọ́jọ́bọ̀ kó tó di agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Fún `BMO`, ọjọ́ tó ṣáájú ni àyè ti tán. Bí ọjọ́ èsì bá wà ní òpó F, tí `BMO` tàbí `AMC` sì wà ní òpó G, ìlà yìí á sọ ọjọ́ ìkẹyìn tí ẹ lè ṣe nǹkan:

```
=IF(G2="BMO",WORKDAY(F2,-1,Isinmi!$A$2:$A$40),F2)
```

Bí òpó G bá ṣófo, ẹ fi `BMO` sí i títí ẹ ó fi mọ̀. Ìtanilólobó tó fi ọjọ́ kan yá kò pa èèyàn lára, èyí tó pẹ́ ló ń dunni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí èrè tó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ kò pàdánù tó bí ẹ ṣe rò. Lọ́jọ́ ìyọkúrò, iye ṣíà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti yọ èrè náà kúrò. Ká ní ṣíà 10 lẹ rà lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ ó gba dọ́là 2.60, Amẹ́ríkà á yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún owó orí, torí pé kò sí àdéhùn owó orí láàárín wọn àti Nàìjíríà, dọ́là 1.82 ló máa dé ọwọ́ yín. Ní ìdàkejì, dọ́là 2.60 ni wọ́n yọ kúrò lára iye ṣíà yín, láìsí ìdá kankan tó padà. Ẹni tó ra ṣíà lọ́jọ́ Ẹtì torí èrè nìkan ti fi sẹ́ǹtì 78 sílẹ̀ fún ìjọba wọn. Ẹ̀yin tí ẹ dúró di ọjọ́ Ajé rà á lẹ́yìn tí èrè ti kúrò. Lórí ṣíà tó ń lọ ní òkè dọ́là 260, sẹ́ǹtì 26 kò tó ohun tí ojú lè rí nínú ìlọsókè-sódò ọjọ́ kan, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi kíyè sí i. Àmọ́ lórí èrè bíi ti Costco yẹn, ẹ ó rí i.

Fún ìdí èyí, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti máa fi ìtanilólobó ọjọ́ ìyọkúrò sáré rà. Ẹni tó wúlò fún jù ni ẹni tó ti ní ṣíà náà tó sì fẹ́ tà á. Bí ẹ bá tà á lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 7, èrè ti lọ. Bí ẹ bá tà á lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 10, èrè ṣì máa wọlé sí àpò yín lọ́jọ́ 13, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣíà kò sí lọ́wọ́ yín mọ́. Ó tún wúlò kí ẹ má baà jáyà nígbà tí ìtanilólobó iye ṣíà bá dún láàárọ̀ ọjọ́ ìyọkúrò pé ṣíà kan já wálẹ̀. Ẹ wo òpó B kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ṣíà ọjà Èkó kún àwọn tí ẹ ń ṣọ́, ẹ ṣí ojú-ewé mìíràn fún wọn pẹ̀lú ìsinmi Nàìjíríà. Ìkéde wọn ń sọ `Qualification Date`, `Closure of Register` àti `Payment Date`, ìdúnàádúrà wọn sì ti di ọjọ́ ọjà méjì láti 28 Oṣù Kọkànlá 2025, mẹ́ta ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi ìlànà òkè yìí yọ ọjọ́ fún wọn. Ẹ ka `Qualification Date` nínú ìkéde ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ alágbàtà yín, kí ọjọ́ náà tó kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjọ́ tó yẹ kí ẹ rà kí orúkọ yín tó lè bá a.